Àdìrẹ Tó Ṣá Lójú Fóònù: Àṣìṣe Gámà Nínú Àwòrán Kọ̀ǹpútà

Kí oníbàárà tó béèrè iye àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, á ti kọ́kọ́ wo bí aró ṣe mu aṣọ náà tó. Tí ẹni tó ń tà á bá wá fẹ́ gbé e sórí ìkànnì ayélujára, kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Ṣíkágò lè fi ìka yí aṣọ náà sọ́tùn-ún sósì lójú fóònù, fọ́tò lásán ò ní tó. Wọ́n máa ń fi kọ̀ǹpútà mọ ìrísí aṣọ tó ṣẹ́ po tàbí tó rọ̀ sílẹ̀, wọ́n á wá fi fọ́tò àdìrẹ náà bo ìrísí ọ̀hún lára. Fọ́tò tí wọ́n fi ń bo ara nǹkan báyìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní tẹ́kíṣọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò náà dára nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́tọ̀: aró jinlẹ̀, funfun mọ́ rekete. Àmọ́ bó ṣe dé ara aṣọ orí ìkànnì, ó ṣá. Aró ti di búlúù aláwọ̀ eérú, bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ mìíràn, fọ́tò kan náà á tún ṣókùnkùn débi pé èèyàn ò ní rí ọnà tó wà lára aṣọ mọ́. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan fọ́tò, iná tí wọ́n tàn sí i nínú kọ̀ǹpútà ò yí padà, síbẹ̀ àwọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń dẹ́bi fún kámẹ́rà, tàbí fún fóònù ẹni tó ń wò ó. Ẹ̀bi wọn kọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ka àwọn nọ́ńbà inú fọ́tò náà bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ìmọ́lẹ̀.

Tóótó àwọ̀ kéékèèké ló para pọ̀ di fọ́tò orí kọ̀ǹpútà. Píkísẹ́lì ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà nínú píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì ń lọ láti 0 dé 255. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 0, dúdú kirikiri ni. Tí wọ́n bá jẹ́ 255, funfun ni. Ohun tó máa wá síni lọ́kàn ni pé 128, tó wà láàárín méjèèjì, á jẹ́ ìdajì ìmọ́lẹ̀ funfun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú fọ́tò tó wọ́pọ̀, ohun tí 128 ń sọ fún síkírìnì ni pé kó tan nǹkan bí ìdá 22 péré nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó fi ń gbé funfun jáde. Nọ́ńbà tó dúró fún ìdajì gidi ni 188.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i lè dán an wò láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Kó ṣí ohun èlò èyíkéyìí tí wọ́n fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà, kó fa ìlà dúdú kan, kó fa funfun kan tẹ̀ lé e, kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ píkísẹ́lì kan ní gíga, kó máa gbà wọ́n bẹ́ẹ̀ títí wọn á fi kún ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́. Kó wá ya àpótí àwọ̀ eérú méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ 128, kí èkejì jẹ́ 188. Kó rí i pé àwòrán náà wà ní ìwọ̀n 100 nínú 100, torí bí kọ̀ǹpútà bá fún un pọ̀ tàbí tó fẹ̀ ẹ́, ìdánwò náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà kó sún sẹ́yìn títí ojú rẹ̀ ò fi ní lè dá ìlà mọ̀ mọ́. Ìdajì ibi tó ní ìlà yẹn ń tan pátápátá, ìdajì kejì ò tan rárá, nítorí náà ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ ojú. Àpótí 188 ló máa bá a dọ́gba tàbí kó sún mọ́ ọn gidigidi. Èyí tó jẹ́ 128 á dúdú jù ú lọ fíìfíì.

Ìtàn bí nǹkan ṣe rí báyìí bẹ̀rẹ̀ láti ara tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, àwọn tí ẹ̀yìn wọn gùn tí wọ́n sì wúwo bí òkúta. Ẹ̀rọ inú wọn ń fọ́n ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sí ẹ̀yìn gíláàsì láti mú un tàn. Tí wọ́n bá dín iná tí wọ́n ń fi darí rẹ̀ kù sí ìdajì, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde kì í di ìdajì. Á já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Bí ẹ̀rọ náà ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Gámà ni wọ́n ń pe nọ́ńbà tó ń sọ bí ìjáwálẹ̀ yẹn ṣe pọ̀ tó, ó sì máa ń wà láàárín 2.2 sí 2.5. Káàkiri ni wọ́n ń ta tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà sì kéré níye, nítorí náà àwọn ẹnjiníà fi àtúnṣe náà sọ́dọ̀ kámẹ́rà: wọ́n ń gbé àwọ̀ tó ṣókùnkùn sókè kí àwòrán tó jáde kúrò níbẹ̀, kí tẹlifíṣọ̀n lè fà á sílẹ̀ padà sí ipò tó yẹ.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà gbòde, Hewlett-Packard àti Microsoft gbé ìlànà kan kalẹ̀ lọ́dún 1996 tí wọ́n pè ní sRGB, kí àwọ̀ lè jọra láti orí síkírìnì kan sí òmíràn. Lọ́dún 1999, àjọ àgbáyé tó ń rí sí òṣùwọ̀n ohun èlò iná mànàmáná fọwọ́ sí i, nọ́ńbà ìlànà náà sì ni IEC 61966-2-1. Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn gígùn ti kúrò nílé ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí, àmọ́ sRGB ò kúrò, ìdí tó fi dúró sì lágbára ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ojú èèyàn máa ń tètè dá ìyàtọ̀ mọ̀ nínú àwọn àwọ̀ tó ṣókùnkùn ju bó ṣe ń dá a mọ̀ nínú àwọn tó mọ́lẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ìpele 256 péré ló wà láti pín, ó bọ́gbọ́n mu kí èyí tó pọ̀ nínú wọn lọ sí apá òkùnkùn tí ojú ti nílò wọn. Ohun tí sRGB ń ṣe nìyẹn.

Nítorí náà, dídì ni nọ́ńbà inú fọ́tò wà. Wọ́n dì í kó lè gbàyè díẹ̀ kó sì bá ojú mu. Síkírìnì ló ń tú u padà sí ìmọ́lẹ̀ nígbà tó bá gbé e jáde. Ẹni tó kàn ń wo fọ́tò ò ní ìdí láti mọ èyí, torí ohun gbogbo ń lọ bó ṣe yẹ láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yí padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe ìṣírò. Aṣọ orí ìkànnì yẹn ní iná tí wọ́n tàn sí i nínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì gbọ́dọ̀ ṣírò bí iná ọ̀hún ṣe ń bà lé ara rẹ̀: ibi tí aṣọ ti ṣẹ́ po, ibi tó kọjú síná, ibi tó kẹ̀yìn sí i. Ìmọ́lẹ̀ gidi rọrùn láti ṣírò. Tí fìtílà kan bá tan ìwọ̀n kan sára ògiri, tí wọ́n gbé irú rẹ̀ kejì wá, ìmọ́lẹ̀ ara ògiri di ìlọ́po méjì. Ká ní fìtílà kan ṣoṣo mú kí ògiri náà jẹ́ 128 nínú fọ́tò. Ìdá 22 nínú 100 nìyẹn, nítorí náà fìtílà méjì á fún wa ní nǹkan bí ìdá 43. Tí a bá dì í padà, 176 ló máa jẹ́: ògiri tó mọ́lẹ̀ dáadáa, tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì hàn. Àmọ́ bí kọ̀ǹpútà bá kàn fi 128 kún 128 láìtú wọn, ó di 256, ó ti kọjá òpin. Ògiri á funfun báláú bí ẹni pé oòrùn ló bọ́ sínú yàrá.

Tí iná bá dín kù ńkọ́? Ibi tí aṣọ funfun ti dagun díẹ̀ sí iná, tó fi jẹ́ pé ìdajì ìmọ́lẹ̀ ló ń bà á, 188 ló yẹ kó jẹ́ lójú síkírìnì. Ìṣírò tí kò tú nọ́ńbà á kọ 128 síbẹ̀, síkírìnì á sì tan ìdá 22. Bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn: òjìji tó le jù, ẹ̀gbẹ́ ojú èèyàn tó dúdú lójijì, ayàwòrán á tún máa fi iná kékeré síbí fi sọ́hùn-ún kó lè bo àbùkù náà. Lọ́dún 2007, Larry Gritz àti Eugene d'Eon kọ orí odidi kan lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé *GPU Gems 3*, ẹ̀rí tó hàn gbangba ni pé lásìkò yẹn àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá ṣì ń ṣe àṣìṣe náà.

Ìlànà tó tọ́ ò le. Tú nọ́ńbà fọ́tò lẹ́ẹ̀kan nígbà tó bá ń wọlé, fi ìmọ́lẹ̀ gidi ṣe gbogbo ìṣírò, kó o dì í lẹ́ẹ̀kan nígbà tó bá ń jáde lọ sójú síkírìnì. Ìmọ́lẹ̀ gidi tí wọ́n tú sílẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní líníà. Ẹ̀ẹ̀kan ní ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀kan ní ẹ̀yìnkùlé. Tí ọ̀kan bá yẹ̀, tàbí tí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, àdìrẹ á ṣá tàbí kó ṣókùnkùn.

Ká fi píkísẹ́lì méjì ṣe àyẹ̀wò, kí nǹkan lè ṣe kedere. Ká sọ pé ibi aró nínú fọ́tò náà jẹ́ 30, 42, 90, ibi funfun sì jẹ́ 240 nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n bá gbàgbé láti tú u, tí wọ́n sì wá dì í nígbà tó ń jáde, á jẹ́ pé wọ́n ti dì í lẹ́ẹ̀mejì. Aró á wá di 96, 113, 160. Funfun á di 248. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: 30 gòkè ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, 90 ò tiẹ̀ tó ìlọ́po méjì, 240 ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Pupa àti àwọ̀ ewé tó kéré nínú aró ti sáré gòkè sún mọ́ búlúù, ìdí nìyẹn tó fi ń jọ eérú. Èyí ni ṣíṣá, kò sì jọ ti iná tó pọ̀ jù. Iná tó pọ̀ jù á gbé ohun gbogbo sókè ní ìwọ̀n kan náà, funfun á sì fọ́ tán pátápátá. Nínú àṣìṣe gámà, funfun dúró jẹ́ẹ́, òkùnkùn ló ń dìde.

Ní òdìkejì, bí wọ́n bá tú u ní ìwọlé tí wọ́n sì gbàgbé láti dì í ní ìjáde, aró náà á di 3, 6, 26. Dúdú ni ojú máa pè é. Funfun náà á wá sílẹ̀ dé 222, àmọ́ ó ṣì lè pe ara rẹ̀ ní funfun. Gbogbo ọnà tó bá wà láàárín aró àti aró tó jìn jù ú lọ á ti parẹ́.

Irú ìkànnì tí à ń sọ yìí, `three.js` ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe é, bí àṣìṣe náà ṣe ń wọlé níbẹ̀ sì yẹ ní wíwò dáadáa. Aṣọ àkọ́kọ́ sábà máa ń wá nínú fáìlì kan tó kó ìrísí àti àwọ̀ pọ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí `.glb`. Ìlànà fáìlì yìí ti sọ ọ́ ní kedere pé dídì ni àwọ̀ inú rẹ̀ wà, ohun tó ń ṣí i sì mọ̀, nítorí náà aṣọ àkọ́kọ́ á dára. Oníbàárà á wá tẹ bọ́tìnì láti wo ọnà àdìrẹ mìíràn. Ìkànnì á lọ mú fọ́tò kejì wá ní tààrà, á fi rọ́pò ti àkọ́kọ́. Ìyẹn á sì ṣá. Ìdí ni pé fọ́tò tí wọ́n bá mú wá lọ́nà yìí kì í ní àmì kankan lára tó ń sọ pé ó nílò títú, nígbà tó jẹ́ pé dídì ní ìjáde ti ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìlà kan ló ń tún un ṣe:

```
const ona = loader.load('adire2.jpg');
ona.colorSpace = THREE.SRGBColorSpace;
```

Ìkànnì tó ti pẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Kí ẹ̀yà r152 tó jáde lọ́dún 2023, `three.js` kì í tú fọ́tò, kì í sì í dì í ní ìjáde, àyàfi tí ẹni tó ń kọ ọ́ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe méjì náà ń pa ara wọn rẹ́ lójú ẹni tó ń wò ó: fọ́tò tó wọlé ní 128 jáde ní 128, aró rí bí aró. Ìṣírò iná nìkan ni kò tọ̀nà, ìyẹn sì nira láti rí. Láti r152, dídì ní ìjáde di ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìbéèrè. Ẹni tó bá gbé ìkànnì rẹ̀ lọ sí ẹ̀yà tuntun láìfi àmì sára fọ́tò kankan á jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì rí i pé gbogbo ọjà òun ti ṣá. Ó sì ṣòro kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má gbà pé ẹ̀yà tuntun ló bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ti àtijọ́ ló ń bo àbùkù mọ́lẹ̀.

Orúkọ àmì náà yí padà pẹ̀lú. `encoding` ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀ nígbà yẹn ló sì ṣì ń lò ó. Ẹni tó bá kọ orúkọ àtijọ́ sínú ẹ̀yà tó ti yọ ọ́ kúrò ò ní rí ìkìlọ̀ kankan, torí èdè JavaScript máa ń gba orúkọ tí kò mọ̀ láìjanpata. Ìlà náà wà níbẹ̀, ó dára lójú, kò sì ṣe nǹkan kan.

Ti òkùnkùn máa ń wá láti ibòmíràn. Bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá fúnra rẹ̀ kọ ìtọ́ni kéékèèké tó ń pinnu àwọ̀ píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣédà, òun náà ló máa rántí láti dì í kó tó jáde. Nínú `ShaderMaterial`, ìlà tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni `#include <colorspace_fragment>`, ìparí ṣédà sì ni wọ́n ń fi í sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, aṣọ yẹn nìkan á ṣókùnkùn láàárín àwọn tó kù. Bó bá wá jẹ́ pé gbogbo ojú ìkànnì ló ṣókùnkùn lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìtànṣán tàbí bàìbàì ẹ̀yìn kún un, ibi tó yẹ kí wọ́n wò ni `EffectComposer`. Nígbà tí àwòrán bá ń gba ibẹ̀ kọjá, líníà ló ń jẹ́ títí dé ìparí, `OutputPass` ló sì máa dì í. Àwọn mìíràn máa ń fi `OutputPass` síbẹ̀, kí wọ́n tún fi àtúnṣe gámà ti àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn ti di ẹ̀ẹ̀mejì, aṣọ á sì ṣá gẹ́gẹ́ bíi ti ìṣáájú.

Ìyà tó ń jẹ èèyàn lórí ṣíṣá yìí ló ń sún ọ̀pọ̀ sínú àṣìṣe kejì. Wọ́n á ti kọ́ pé àmì `SRGBColorSpace` ń gbani, wọ́n á wá fi sára gbogbo fáìlì tí wọ́n bá rí. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo àwòrán tó wà lára aṣọ náà ló jẹ́ àwọ̀. Àwòrán kan wà tó ń sọ apá ibi tí fọ́nrán òwú kọ̀ọ̀kan dojú kọ, kí iná lè mú ìhun aṣọ jáde, `normalMap` ni. Òmíràn ń sọ bí ara aṣọ ṣe rí, bóyá ó ń dán tàbí kò dán, `roughnessMap` nìyẹn. Wọ́n jọ àwòrán, wọ́n ṣeé ṣí bí àwòrán, àmọ́ ìwọ̀n ni nọ́ńbà inú wọn, kò sẹ́ni tó dì wọ́n rí. Kò sí ohun tí ẹnì kan fẹ́ tú níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tú u ni yìí. Nínú `normalMap`, ibi tó bá tẹ́jú pẹrẹsẹ ni wọ́n ń kọ ní 128, 128, 255, ìyẹn búlúù elésè àlùkò tí àwọn oníṣẹ́ mọ̀ dáadáa. Nọ́ńbà 128 túmọ̀ sí pé kò fì sọ́tùn-ún, kò fì sósì. Bí kọ̀ǹpútà bá tú u bí àwọ̀, ó di ìdá 22 nínú 100, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé ó fì gan-an sí apá kan. Tí a bá ṣírò rẹ̀ tán, ojú aṣọ tó tẹ́jú á ti dagun ní nǹkan bí ìwọ̀n 39, nígbà tí igun ilé lásán jẹ́ 90. Gbogbo aṣọ á wá máa gba iná bí ẹni pé ó kọ ojú síbòmíràn: ibi tó yẹ kó mọ́lẹ̀ á dúdú, ọ̀kánkán rẹ̀ á mọ́lẹ̀. Ti `roughnessMap` ò hàn tó bẹ́ẹ̀, ó sì ń tan èèyàn jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì á di ìdá 22, aṣọ òwú tó yẹ kó kú lójú á máa dán bíi ráyọ̀n tí wọ́n fi òróró pa. Nínú Blender, ibi tí wọ́n ti ń yàn án wà lára àwòrán gan-an: `sRGB` fún àwọ̀, `Non-Color` fún ìwọ̀n. Nínú `three.js`, kí wọ́n má fi àmì kankan sí i ni.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ èyí tó ṣẹlẹ̀, láìfi ojú lásán méfò? Ọ̀nà kan dájú. Kí wọ́n ṣe àwòrán kékeré kan tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 128, kí wọ́n fi bo ojú pẹrẹsẹ kan lọ́nà tó jẹ́ pé iná kankan kì í bà á. `MeshBasicMaterial` wà fún irú ìyẹn. Kí wọ́n ya síkírìnì náà, kí wọ́n wá ka nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ 128, ọ̀nà ìwọlé àti ìjáde dọ́gba. Tó bá jẹ́ 188, wọn ò tú u ní ìwọlé, tàbí wọ́n dì í lẹ́ẹ̀mejì ní ìjáde. Tó bá jẹ́ 55, wọn ò dì í, tàbí wọ́n tú u lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn, 128, 188 àti 55, tó láti fi mọ apá ibi tó yẹ kí wọ́n lọ wò.

Ìdánwò yìí ní ààlà tirẹ̀, ó sì dára kí wọ́n mọ̀ ọ́n. 128 tó jáde ní 128 ò fi hàn pé ìṣírò iná tọ́. A ti rí i lókè pé àṣìṣe méjì lè pa ara wọn rẹ́. Ẹni tó bá ń lo ẹ̀yà àtijọ́ gbọ́dọ̀ wo iná pẹ̀lú: kí ó gbé fìtílà méjì tó dọ́gba sí ojú kan náà, kó wò ó bóyá 128 á di 176 tàbí á funfun báláú. Ohun kejì ni pé àwọn ètò kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ tẹ àwọ̀ nígbà tó bá ń jáde, kí iná tó le má bàa fọ́ funfun, bí kámẹ́rà ṣe máa ń ṣe. Blender ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìbéèrè: Filmic ló ń lò tẹ́lẹ̀, láti ẹ̀yà 4.0 ó ti di AgX. Àdìrẹ tó dàbí pé ó ṣá níbẹ̀ lè máà ní àṣìṣe gámà kankan lára. Kí wọ́n lọ síbi `View Transform`, kí wọ́n yan `Standard`. Bí aró bá padà bọ̀ sípò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú `three.js`, bí wọ́n bá ti tan irú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ `toneMapped = false` sára ojú tí wọ́n fi ń dán an wò kí wọ́n tó ka nọ́ńbà.

Àtúnṣe tí kò yẹ ló ń fa ìpalára tó gùn jù. Ẹni tí àdìrẹ rẹ̀ ṣá, tí kò sì mọ ìdí, á ṣí fọ́tò náà, á mú òkùnkùn rẹ̀ jìn sí i títí á fi dára lójú ìkànnì. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá wá fi ìlà kan náà tún ìkànnì ṣe, gbogbo fọ́tò tí wọ́n ti fọwọ́ kàn yẹn á ṣókùnkùn, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìlà náà lẹ́bi. Fọ́tò tí wọ́n yà lákọ̀ọ́kọ́ ni kí wọ́n padà sí, wọn ò gbọdọ̀ tún èyí tí wọ́n ti tún ṣe ṣe.

Àwọn mìíràn ń gba ọ̀nà tó dà bíi pé ó bọ́gbọ́n mu: wọ́n á fúnra wọn tú fọ́tò náà sí líníà, wọ́n á fi pamọ́ bí JPEG tàbí PNG lásán, kí kọ̀ǹpútà má bàa nílò láti tú nǹkan kan mọ́. Nínú fáìlì oní-ìpele 256, ìpele tó tẹ̀ lé dúdú nínú líníà jẹ́ 1. Bí wọ́n bá dì í padà, 13 ló ń dà. Gbogbo ìpele láti 1 dé 12 tó wà nínú fọ́tò àkọ́kọ́ ti di ọ̀kan nínú méjèèjì, ó di dúdú tàbí ó di 13. Inú àwọn ìpele yẹn gan-an ni ọnà tó wà nínú aró tó jìn máa ń wà, ojú sì máa ń rí i bí àpá tó là sí ìpele-ìpele níbi tó yẹ kó yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá nílò láti fi líníà pamọ́ lóòótọ́, kó lo fáìlì EXR tó ní bíìtì 16 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ti fi pamọ́ sínú JPEG ní líníà, kò sí àmì tàbí ìlà kóòdù tó lè dá ìpele rẹ̀ padà. Bí fọ́tò àkọ́kọ́ bá ti sọnù, wọ́n á tún aṣọ náà yà ni.